Ṣíà Ọlọ́dún Mẹ́ta

Ojú ìwé méjì péré ni lẹ́tà náà. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wa, òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti lo ọdún mẹ́fà ní Nàìjíríà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ní kí n jókòó kí n tó kà á. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ojú fèrèsé rẹ̀ kọ sí ọgbà ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ wa ní Ìsọlọ̀, níbi tí àwọn lọ́rì ti ń já òwú tó wá láti Òkè-Ọya. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni. Oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n fi mí ṣe dáírẹ́kítọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ inú ilé ẹ̀rọ. Èmi ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó jókòó sí àga yẹn.

Àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń wọlé bí òjò ni. Ìjọba ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta lára ṣíà wọn fún ọmọ Nàìjíríà, àwọn òyìnbó tó ni tiwa náà sì ti tà. Wọ́n wá fẹ́ kí àwa ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ní nǹkan tó so wá mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ní, "Ọ̀nà mẹ́ta ni owó rẹ máa ń gbà wọlé báyìí. Èkíní ni owó oṣù. Òjò ń rọ̀ ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, wàá gbà á. Èkejì ni bónọ́ọ̀sì ọdọọdún, tó dá lórí èrè ọdún yẹn nìkan. Ẹ̀kẹta ló wà nínú lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ọ̀nà oko. Ilé-iṣẹ́ ti ya iye ṣíà kan sọ́tọ̀ ní orúkọ mi, àmọ́ kò tíì di tèmi. Ó di ọdún mẹ́ta. Bí ọdún mẹ́ta bá pé, wọ́n á wo èrè tí a jẹ lọ́dún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi wé gbogbo owó tó wà nínú iṣẹ́ náà: ilé, ẹ̀rọ, òwú tó wà nílẹ̀. Ìyẹn ni pé, náírà kan tí wọ́n kó sílẹ̀, kọ́bọ̀ mélòó ló bí? Wọ́n á wá pa ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta. Bí ohun tó jáde kò bá dé ààlà ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti fà sílẹ̀, òfo ni. Bí ó bá kan ààlà náà gan-an, ìdámẹ́rin ṣíà yẹn ni mo máa gbà. Bí ó bá dé ààlà òkè, gbogbo rẹ̀ ni. Láàárín méjèèjì, bí a bá ṣe gòkè sí ni tèmi ṣe máa pọ̀ sí.

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?"

"Èmi kò lè gba ṣíà níbí, owó ni wọ́n máa fi san tèmi. Ṣùgbọ́n òdíwọ̀n kan náà ni. Bí ẹ̀yin bá yege, mo yege. Bí ẹ bá fìdí rẹmi, mo fìdí rẹmi."

"Bí ènìyàn bá kúrò níbi iṣẹ́ kí ọdún mẹ́ta tó pé ńkọ́?"

Ó gbé ojú sókè wò mí. "Bí o bá ṣàìsàn, tàbí o kú, tàbí a dá ọ dúró láìsí ẹ̀ṣẹ̀, a máa ṣírò iye oṣù tí o lò, ìwọ tàbí ẹbí rẹ á gba ti ìwọ̀nba oṣù yẹn, bí òdíwọ̀n bá jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn jáde, kò sí nǹkan kan." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Má wulẹ̀ ronú ìyẹn. Lọ́dọọdún la máa fún ọ ní òmíràn."

Inú mi dùn. Mo fọwọ́ sí ibi tó fi ìka hàn mí, mo sì wa mọ́tò lọ sílé.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi, ọmọ Èkìtì, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà kan ní Òṣòdì. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì ní tábìlì ìjẹun. Ó wá yí ìwé iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan dé ẹ̀yìn, ó fa ìlà mẹ́ta síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ síwájú ibi tí èyí tó wà lókè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wo ibí. Èyí tí wọ́n fún yín lọ́dún yìí máa gbó lọ́dún kẹta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá gbó yẹn, ti ọdún tó ń bọ̀ ṣì ku ọdún kan, ti ọdún tó tẹ̀ lé e ṣì ku méjì. Ọjọ́ wo lẹ lè jáde níbẹ̀ tí ẹ ò ní fi nǹkan sílẹ̀?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ jíjáde?"

Ó mọ̀ pé lẹ́tà mìíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn ló kọ ọ́. Ó ní wọ́n ń fẹ́ ẹni tó máa kọ́ni níṣẹ́ ìhunṣọ níbẹ̀, ipò náà máa ṣí sílẹ̀ fún mi títí di ìgbà tí ara mi bá balẹ̀. Láti ìgbà èwe mi, iṣẹ́ olùkọ́ ló wù mí. Mo kọ èsì sí wọn pé kí wọ́n ní sùúrù fún mi díẹ̀, ó ku ọdún mẹ́ta.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ dán bí ojú ọ̀sán. Gbogbo ènìyàn ló ń ra aṣọ. Iye tí a bá kọ sára ọ̀pá aṣọ ni wọ́n ń rà á, oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn a tún gbé e sókè. Ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tí ọ̀gá àgbà kò sọ fún mi. Èrè wa, owó òde òní la fi ń kà á. Àwọn ẹ̀rọ wa, iye tí wọ́n rà wọ́n láyé ọjọ́un ló wà nínú ìwé, wọ́n sì ń gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ lọ́dọọdún nítorí pé ó ń gbó. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ṣe ń darúgbó sí i tí a kò pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òdíwọ̀n wa ń dára sí i. Ọ̀lẹ ọ̀gá tí kò ra nǹkan kan máa dà bí ọlọ́gbọ́n lórí ìwé. A kò ṣe ohun kan tó ṣe pàtàkì, síbẹ̀ a ti kọjá ààlà ìsàlẹ̀, a ń sún mọ́ tòkè.

Ohun tó ń darúgbó jù lọ ni àwọn fáànù inú yàrá ìgbọ̀n-òwú. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gbọn òwú, tó ń yà á kó tó di fọ́nrán tí wọ́n fi ń hun aṣọ. Eruku rẹ̀ kì í ṣe eruku ilẹ̀. Funfun ni, ó fúyẹ́, á rọra máa léfòó nínú afẹ́fẹ́, á sì balẹ̀ sórí ìpéǹpéjú ènìyàn. Fáànù ńlá mẹ́rin ló ń fà á jáde gba inú páìpù onípáànù lọ síta. Méjì ti kú. Méjì yòókù ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn.

Fọ́máànù yàrá náà ni mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ìlú kan lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun ni, ó fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi etí gbọ́ àìsàn ẹ̀rọ kí ojú tó rí i. Nígbà tí mo di ọ̀gá rẹ̀, ó kọ̀ láti máa pe orúkọ mi mọ́, "Ọ̀gá" ló ń pè mí. Èmi náà kò jáwọ́ nínú pípè é ní Bàbá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta ló wá bá mi ní ọ́fíìsì, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ fáànù yẹn. Àwọn ọmọ ń wúkọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń le jù. Bí wọ́n bá sinmi ní Sátidé àti Sọ́ńdè, tí wọ́n padà wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àyà wọn á há gádígádí. Tó bá di Wẹ́sìdé á dẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá?"

"Èmi? Àgbà ń wúkọ́ náà ni." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá ẹ̀rín náà dúró.

Mo kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ yẹn gan-an pé kí a ra fáànù mẹ́rin tuntun láti òkè òkun. Ó pè mí ní ọjọ́ kejì. Akáǹtáǹtì àgbà ti jókòó síbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa bíi tèmi, òun náà sì ní lẹ́tà ṣíà tirẹ̀ nílé.

Akáǹtáǹtì náà ní, "Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí fáànù yìí bá wọlé lọ́dún yìí, owó tó wà nínú iṣẹ́ máa wú sókè. A sì gbọ́dọ̀ ti yàrá náà pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó lè so wọ́n. Bí kò bá sí òwú tí a gbọ̀n, kò sí fọ́nrán. Bí kò bá sí fọ́nrán, kò sí aṣọ. Èrè máa wálẹ̀ níhìn-ín, owó inú iṣẹ́ máa gòkè lọ́hùn-ún. A lè bọ́ sábẹ́ ààlà."

Ọ̀gá àgbà kò pariwo. Ó ní, "Kì í ṣe pé mo ní kí o má rà wọ́n. Ọdún tó ń bọ̀ ni kí o rà wọ́n. Oṣù mẹ́wàá péré ni." Ó ti ìwé tí mo kọ padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. "Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwọ lo ni yàrá ẹ̀rọ."

Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ó di ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí bàbá fọ́máànù tún béèrè, irọ́ tó rọrùn jù láyé ní ọdún yẹn ni mo pa. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ti kún Àpápá fọ́fọ́, wọ́n tò lọ sójú òkun pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, wọn kò rí ibi gúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ó wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ náà ni kò tíì rí àyè wọlé."

"Háà, Àpápá yẹn," ó ní, ó sì mi orí. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ìtùnú pé fáànù ti dé etí òkun. Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń kọjá.

Ní àárín ọdún, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi owó kún owó òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì san ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdùnnú ta sókè ní gbogbo Ìsọlọ̀. Àwọn kan ra rédíò, àwọn kan ra kẹ̀kẹ́. Àmọ́ owó ńlá yẹn jáde kúrò nínú èrè wa lójijì, òdíwọ̀n wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ọ̀gá àgbà kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ kékeré tí bọ́ọ̀dù yàn láti máa bójú tó owó àwọn ọ̀gá. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ owó tí ìjọba fipá mú wa san náà kúrò nínú ìṣirò, nítorí pé kì í ṣe àwa ọ̀gá la fà á. Òfin ètò náà fún ìgbìmọ̀ yẹn lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pè wá wọlé láti dáhùn ìbéèrè. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni alága ìgbìmọ̀ náà, agbádá funfun ló máa ń wọ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó ka ìwé ọ̀gá àgbà tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹjọ́ tó ní ìtumọ̀ ni," ó ní. Ó wá yí sí gbogbo wa. "Ṣé nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kí a mọ̀ ká tó pinnu? Ohunkóhun tó ń bọ̀ lọ́nà, tó lè da ìṣirò yìí rú?"

Ojú rẹ̀ dúró lára mi díẹ̀, bóyá nítorí pé èmi ni mo ni yàrá ẹ̀rọ. Mo rí ojú akáǹtáǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí ọwọ́ ọ̀gá àgbà lórí tábìlì, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ tó ti tú nítorí pé ó ti rù. Ọmọ mẹ́ta ló ní ní ilé-ìwé ìlú òyìnbó, ó sì ti sọ fún mi rí pé owó ọdún mẹ́ta yìí ló máa fi ra ilé tó máa padà sí.

Mo ní, "Kò sí, sà."

Wọ́n ní ká jáde síta, nítorí pé wọn kì í jíròrò owó ẹni lójú ẹni. A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí àwọn ọmọ tí ń retí èsì ìdánwò. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, wọ́n ti gbà. Ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́ gírígírí.

Lálẹ́ yẹn ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo ń rò ó nínú ọkàn mi pé bí mo bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ, ọdún mẹ́ta mi lọ. Bí mo bá dúró, mo gbọ́dọ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ yàrá yẹn kọjá lójoojúmọ́. Bí mo bá ra fáànù, mo ti kó òfo bá àwa ọ̀gá márùn-ún tó wà nínú ètò náà, tí a jọ ń jẹun níbi iṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo dán wò nínú ọkàn mi, ìlẹ̀kùn ni mo ń bá ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ku oṣù méjì kí ọdún parí nígbà tí bàbá fọ́máànù ṣubú. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni, láàárọ̀. Wọ́n sáré wá pè mí, mo bá a ní ìjókòó lórí ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń fa èémí bí ẹni tí wọ́n di àpò lé lójú. Mo fi mọ́tò ara mi gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti le, pé kì í ṣe nǹkan ọjọ́ kan, pé kò gbọdọ̀ padà síbi eruku yẹn mọ́ láéláé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ kí i ní yàrá tó háyà ní Òṣòdì, ẹ̀yìn ojú irin. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga kan ṣoṣo tí wọ́n ní fún mi. Bàbá fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ẹ̀yìn jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé tí ẹ wá." Ó sinmi kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti wọlé?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, Bàbá."

Mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò. Mo ṣáná sí i, Ìsọlọ̀ ni mo gbà lọ, mo sì ti yàrá ìgbọ̀n-òwú pa ní ọ̀sán yẹn. Òfin fún mi láyè láti dá ẹ̀rọ dúró fún àtúnṣe láìbi ẹnikẹ́ni. Mo pe àwọn ajórin, wọ́n bọ́ gbogbo páìpù onípáànù náà sílẹ̀, wọ́n rọ tuntun. Eruku tó wà nínú èyí tó ti pẹ́ dì bí tìmùtìmù. Mo ra ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń yí fáànù lọ́wọ́ oníṣòwò kan lérékùṣù Èkó, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ kankan. Àtúnṣe ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé gbogbo owó rẹ̀ jáde lára èrè ọdún yẹn gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a kò gbọn òwú.

Ọ̀gá àgbà sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi ní ọjọ́ kejì. Ó dúró láàárín àwọn páìpù tó wà nílẹ̀, bàtà rẹ̀ ti funfun.

"O mọ ohun tí o ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Oṣù méjì. Oṣù méjì péré ni o kò lè dúró."

"Àwọn tó wà níbí kò lè dúró, sà."

Ó lè ní kí a tan ẹ̀rọ padà, àwa méjèèjì mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ó ní, "Kì í ṣe tìrẹ nìkan lo dà nù," ó sì gun òkè lọ.

Nígbà tí wọ́n ka ìwé ọdún náà, òdíwọ̀n ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n pín sí mẹ́ta fi díẹ̀ bọ́ sábẹ́ ààlà ìsàlẹ̀. Díẹ̀ yẹn kò já mọ́ nǹkan kan lórí ìwé, àmọ́ ààlà ni ààlà. Àwa márùn-ún gba lẹ́tà kan náà, pé ṣíà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ti di òfo. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì parí síbẹ̀. Ọdún burúkú yẹn náà ló jẹ́ ọdún kejì nínú ètò tó tẹ̀ lé e, ó tún jẹ́ ọdún kìíní nínú ẹ̀kẹta. Ó máa bá wa lọ fún ọdún méjì sí i. Akáǹtáǹtì kò bá mi jókòó jẹun mọ́. Wọ́n pe ọ̀gá àgbà padà sílùú òyìnbó. Mo gbọ́ pé àwọn tó ni wá lọ́hùn-ún fún un ní ètò tuntun tó dí ohun tó sọnù. Kò sí ẹni tó dí tiwa.

Alága ìgbìmọ̀ náà ránṣẹ́ pè mí sí ilé rẹ̀. Ó fún mi lómi, ó sì jẹ́ kí n mu ún tán.

"Nígbà tí mo bi yín léèrè bóyá nǹkan mìíràn wà," ó ní, "kí ló dé tí o kò sọ ọ̀rọ̀ fáànù?"

Mo gbé ife náà kalẹ̀.

"Bí a ṣe yọ owó ìjọba yẹn, a ì bá yọ ti fáànù náà. Ọ̀rọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ ni. Mi ò tiẹ̀ ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ṣíà yín ì bá wà, ọkùnrin yẹn ì bá sì ti rí èémí mí láti oṣù karùn-ún."

Mo ní, "Sà, mo rò pé wọn ò ní gbà ni."

"O kò béèrè." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ̀rù ohun tí kò tíì di tìrẹ ló ń bà ọ́."

Ìgbìmọ̀ náà tún òfin ètò yẹn kọ lọ́dún yẹn: owó tí ilé-iṣẹ́ bá ná lórí ìlera àti ààbò òṣìṣẹ́ kò ní wọ inú òdíwọ̀n àwọn ọ̀gá mọ́. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi kún un. Mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Kí bàbá fọ́máànù tó kó padà sí ìlú rẹ̀, mo lọ bá a ní Òṣòdì, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní kò sí ọkọ̀ kankan, kò sí ìgbà kan tí ọkọ̀ wà. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, mo ṣàlàyé ṣíà, mo ṣàlàyé ọdún mẹ́ta. Ó fetí sílẹ̀ bó ṣe máa ń fetí sí ẹ̀rọ, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣíà náà," ó ní nígbà tó yá, "ṣé wọ́n wá fún yín?"

"Rárá, Bàbá."

"Kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí nǹkan kan."

Ó kọ ojú sí fèrèsé. Mo retí kí ó bú mi, mo retí kí ó dárí jì mí, kò ṣe ọ̀kankan. Ó ní, "Èmi ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé ó ti dé etí òkun." Ó ní kí ìyàwó òun sìn mí dé ìta.

Èmi ì bá fẹ́ láti sọ pé mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò fi í sílẹ̀. Lẹ́tà tuntun dé láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà tuntun, ṣíà inú rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì fọwọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé n kò lè fi ọdún mẹ́ta ṣòfo kí n tún fi òfo lọ. Ìyàwó mi wò mí bí mo ṣe ń tì í bọ inú dúrọ́ọ̀. Ètò kejì kan ààlà ìsàlẹ̀ gan-an, ìdámẹ́rin ni mo gbà. Nígbà tí ìwé ṣíà náà fi dé ọwọ́ mi, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí ipò tí wọ́n ń tọ́jú fún mi ní Ìbàdàn. Ọ̀gá mi àtijọ́ ti fẹ̀yìntì.

Ó tún gbà mí ní ọdún méjì kí n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ètò mẹ́ta ṣì wà lọ́nà lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ku oṣù méje péré. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́, obìnrin kan tó mọ òfin ètò náà ju gbogbo wa lọ, gba lẹ́tà mi, ó kà á, ó sì gbójú sókè.

Ó ní, "Sà, ẹ ò ṣe ní sùúrù di oṣù kẹsàn-án tí ọdún ìṣirò wa máa parí? Oṣù méje ni."

Mo ní, "Ẹ bá mi fi òǹtẹ̀ gbígbà lù ú, ẹ jọ̀ọ́."

Ó lù ú. Mo gba ẹnu géètì jáde ní aago mẹ́rin ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀wọ́ àárọ̀ ń jáde, eruku òwú díẹ̀díẹ̀ lórí irun wọn. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo gbé mọ́tò dúró lẹ́bàá ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, mo ń wo wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, kí n tó wà á lọ sílé.